Òdo Kọ́ Ni Òfo: Ìtàn Ìlànà Kadane àti Ìlà tí Gbogbo Nọ́ńbà Rẹ̀ Jẹ́ Òdì

Ìfáàrà

Bí àwọn nọ́ńbà kan bá tò sórí ìlà, tí díẹ̀ nínú wọn ju òdo lọ, tí àwọn yòókù sì kéré sí òdo, ìbéèrè kan wà tí ó rọrùn láti bi: èwo nínú àwọn abala ìlà náà, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ tẹ̀ léra láìfo ọ̀kankan, ni àròpọ̀ rẹ̀ ga jù lọ? Bí gbogbo nọ́ńbà náà bá ju òdo lọ, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Odindi ìlà náà ni ìdáhùn. Àwọn nọ́ńbà tí ó kéré sí òdo, tí àròkọ yìí yóò máa pè ní nọ́ńbà òdì, ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di ìṣòro. Nọ́ńbà òdì dà bí gbèsè: ó ń jẹ lára ohun tí ó wà nílẹ̀. Síbẹ̀, ó lè tọ́ kí ènìyàn gba gbèsè kékeré mọ́ra kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó owó ńlá tí ó wà lẹ́yìn gbèsè náà.

Láàárín ọdún 1977 sí ọdún 1984, ìbéèrè yìí kọjá lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìdáhùn rẹ̀ ń yára sí i láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, títí ó fi di ohun tí ó ṣeé ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ojú bá gba orí ìlà náà kọjá. Ìtàn yẹn ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń sọ. Èyí tí wọn kì í sábà dúró lé lórí ni ọ̀rọ̀ kan tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀: kí ni ìdáhùn bí gbogbo nọ́ńbà orí ìlà bá jẹ́ nọ́ńbà òdì? Àròkọ yìí tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìṣirò nìkan. Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ni, ó sì dúró lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òdo àti òfo.

Ìbéèrè Grenander

Ulf Grenander (1923–2016) jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Súwídìn, onímọ̀ ìṣirò àti sítátísíìkì, tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú ohun tí ó gbà á lọ́kàn ni bí ẹ̀rọ ṣe lè dá àpẹẹrẹ kan mọ̀ nínú àwòrán. Àwòrán tí a ti sọ di nọ́ńbà dà bí pátákó tí a fi ìlà pín sí ilé kéékèèké, tí nọ́ńbà kan sì wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Grenander ń wá onígun mẹ́rin tí àròpọ̀ inú rẹ̀ ga jù lọ lórí pátákó náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ṣeé ṣe jù lọ kí àpẹẹrẹ tí ó ń wá wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń gba ẹ̀rọ ní àkókò tí ó pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè dúró dè lọ. Nítorí náà, ó dín ìbéèrè náà kù: dípò odindi pátákó, ó mú ìlà kan ṣoṣo, kí ó lè rí bí egungun ọ̀rọ̀ náà ti rí.

Ọ̀nà tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ni pé kí oníṣirò mú ibi ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó mú ibi ìparí kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ro gbogbo ohun tí ó wà láàárín wọn pọ̀. Bí nọ́ńbà 10 bá wà lórí ìlà, abala 55 ni ó wà láti yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ 1,000, abala náà di 500,500, a ó sì tún ro ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀nà yìí, bí ìlà bá gùn ní ìlọ́po méjì, iṣẹ́ rẹ̀ yóò pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Grenander ṣe àkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà jẹ́ àtúnṣe ohun tí a ti ṣe tán. Ẹni tí ó ti ro nọ́ńbà kẹta dé ìkẹsàn-án pọ̀ kò nílò láti padà sí ìkẹta kí ó tó ro ó dé ìkẹwàá. Kí ó kàn fi ìkẹwàá kún un ni. Pẹ̀lú àtúnṣe yìí, ìlọ́po mẹ́jọ di ìlọ́po mẹ́rin.

Òru kan àti ìṣẹ́jú kan

Ní ọdún 1977, Grenander sọ ìbéèrè náà fún Michael Shamos, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Shamos ti rí ọ̀nà tí ó yára ju ti Grenander lọ. Ó pín ìlà náà sí méjì ní àárín. Abala tí ó dára jù lọ níláti wà ní apá òsì, tàbí ní apá ọ̀tún, tàbí kí ó gba ojú àárín kọjá. A ó tún pín apá kọ̀ọ̀kan sí méjì bákan náà, títí yóò fi ku nọ́ńbà kan ṣoṣo. Shamos fi ọ̀nà náà han Jon Bentley, àwọn méjèèjì sì rò pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, nítorí pé àwọn olùwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé àwọn ìbéèrè kan tí ó jọ ọ́ kò lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Shamos sọ ìtàn ìbéèrè náà níbi àpérò kan ní Carnegie Mellon. Jay Kadane, onímọ̀ sítátísíìkì ní yunifásítì náà, wà ní ìjókòó. Gẹ́gẹ́ bí Bentley ti ròyìn rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan ni Kadane gbé ọ̀nà tuntun kalẹ̀, tí ó ń ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá fo nọ́ńbà kan láìwò ó kò lè mọ̀ bóyá èyí tí ó fò náà ni ó tóbi jù.

Ohun tí Kadane rí ni pé abala kọ̀ọ̀kan níláti parí síbì kan. Bí oníṣirò bá dé orí nọ́ńbà kan, ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó mọ̀ nípa gbogbo ohun tí ó ti kọjá: èló ni àròpọ̀ tí ó ga jù lọ nínú àwọn abala tí ó parí sí ẹ̀bá ibi tí ó wà? Bí ẹrù tí ó rù bọ̀ bá ju òdo lọ, kí ó máa rù ú lọ. Bí ó bá ti di gbèsè, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, nítorí pé gbèsè àná kò lè ran owó òní lọ́wọ́. Bí a bá kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú orúkọ tí Bentley lò, bí yóò ti rí nìyí:

```
maxsofar = 0
maxendinghere = 0
for x in a:
    maxendinghere = max(maxendinghere + x, 0)
    maxsofar = max(maxsofar, maxendinghere)
```

`maxendinghere` ni ẹrù orí oníṣirò. `maxsofar` ni àkọsílẹ̀ èyí tí ó ga jù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìlà yìí jẹ́ àpẹẹrẹ: 4, −7, 6, −2, 5, −10, 3. Lórí 4, ẹrù di 4. Lórí −7, ìbá di −3, ṣùgbọ́n gbèsè nìyẹn. Oníṣirò sọ ọ́ kalẹ̀, ẹrù sì di 0. Lórí 6, ó di 6. Lórí −2, ó dín kù sí 4, ṣùgbọ́n kò tíì di gbèsè, nítorí náà oníṣirò ń rù ú lọ. Lórí 5, ó di 9. Lórí −10, ó tún bọ́ sí gbèsè, a sì sọ ọ́ kalẹ̀. Lórí 3, ó di 3. Iye tí ó ga jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ni 9, èyí tí í ṣe àròpọ̀ 6, −2 àti 5. Gbèsè kékeré tí ó wà láàárín wọn ni oníṣirò gbà mọ́ra kí ó tó rí 5.

Bentley àti ọdún 1984

Bentley ni ó sọ ìtàn náà di ohun tí ayé mọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, ó gbé e jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ni ó wọ inú ìwé rẹ̀, `Programming Pearls`, ní ọdún 1986. Àwọn nọ́ńbà tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ ní àwàdà nínú: 31, −41, 59, 26, −53, 58, 97, −93, −23, 84. Ẹni tí ó bá yọ àmì òdì kúrò yóò rí i pé àwọn nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iye `π` ni, tí a gé ní méjì méjì. Ìdáhùn ìlà náà ni 187.

Bentley tún ṣe ohun kan tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà wọni lára. Ó fi ọ̀nà tí ó lọ́ra jù lọ sórí Cray-1, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó lágbára jù lọ ní àkókò náà, ó sì fi ọ̀nà Kadane sórí TRS-80, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ènìyàn ń rà sílé. Lórí ìlà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1,000, ẹ̀rọ ńlá náà ṣì borí: ìṣẹ́jú-àáyá 3 ni fún un, ó sì jẹ́ 20 fún ẹ̀rọ kékeré. Nígbà tí ìlà di 10,000, ẹ̀rọ ńlá nílò ìṣẹ́jú 49, ẹ̀rọ kékeré kò sì lò ju ìṣẹ́jú 3 àti díẹ̀ lọ. Bí ìlà bá di mílíọ̀nù kan, wákàtí 5 àti ààbọ̀ kò ní pé lọ́wọ́ ẹ̀rọ kékeré, ọdún 95 ni ẹ̀rọ ńlá yóò sì fi máa ṣe é.

Òdo tàbí òfo?

Nínú àkọsílẹ̀ kan náà ni Bentley ti sọ gbólóhùn kan tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń kà kọjá: bí gbogbo nọ́ńbà bá jẹ́ òdì, abala tí kò ní nọ́ńbà kankan nínú ni kí a mú, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òdo. Kì í ṣe àbárèbábọ̀ ìṣirò ni èyí, àdéhùn ni. Bentley pinnu pé òfo náà jẹ́ abala.

Àdéhùn náà ní ìdí tirẹ̀. Òdo ni nọ́ńbà tí kì í fi nǹkan kan kún ohun tí a bá rò ó mọ́, nítorí náà ó bójú mu kí ó jẹ́ àròpọ̀ ohun tí kò sí. Nígbà tí Richard Bird ti Yunifásítì Oxford lo ìbéèrè yìí ní ọdún 1989 láti fi hàn bí ètò kọ̀ǹpútà kan ṣe lè jáde láti inú òfin ìṣirò, ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, òfo wà lára àwọn abala tí òun náà kà. Ìṣirò máa ń rọrùn bí òfo bá gba àyè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Òdo jẹ́ nọ́ńbà; òfo jẹ́ àìsí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba òdo nínú ìdánwò ti jókòó ṣe ìdánwò, máàkì rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Ẹni tí kò wá rárá kò gba òdo. Àyè òfo ni ó wà níwájú orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá kọ òdo sí àyè òfo yẹn ti parọ́ mọ́ ọmọ náà. Bákan náà ni ètò tí ó wà lókè yìí máa ń ṣe nígbà tí ẹni tí ó béèrè bá fẹ́ abala tí nǹkan wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́.

Ẹ wo ìlà yìí: −7, −4, −9, −3, −6. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0. Lórí −7, ẹrù ìbá di −7, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó di 0. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lórí gbogbo àwọn yòókù, ó sì dáhùn pé 0. Kò sí 0 lórí ìlà náà, kò sì sí nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 0. Bí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí bá jẹ́ àdánù oníṣòwò kan ní ọjọ́ márùn-ún, tí ó sì béèrè pé ìgbà wo ni àdánù òun kéré jù lọ, ètò náà dá a lóhùn pé kò pàdánù. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni −3, ní ọjọ́ kẹrin.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò le. Bí gbogbo nọ́ńbà bá jẹ́ òdì, abala tí ó bá ní nọ́ńbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò san sí i bí a bá yọ ọ̀kan kúrò ní ìpẹ̀kun rẹ̀, nítorí pé gbèsè kan ni a yọ. A ó máa yọ ọ́ títí yóò fi ku ẹyọ kan. Nítorí náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí òdì rẹ̀ kéré jù lọ ni ìdáhùn. Òwe àwọn àgbà pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run, bá ọ̀rọ̀ yìí mu: gbogbo wọn dọ́gba lójú ètò tí ó ń sọ gbogbo òdì di 0, ìyàtọ̀ wọn sì nù.

Àtúnṣe, àti àtúnṣe tí kò tó

Àtúnṣe tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé kí àkọsílẹ̀ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti 0, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà àkọ́kọ́ lórí ìlà. Èyí nìkan kò tó. Lórí ìlà òkè yìí, àkọsílẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní −7 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni a ó ti sọ ẹrù di 0, tí 0 yóò sì wọ inú àkọsílẹ̀, nítorí pé ó ju −7 lọ. Ibi méjì ni òfo ti wọ inú ètò náà, ibi méjèèjì ni a sì gbọ́dọ̀ ti lé e jáde:

```
best = here = a[0]
for x in a[1:]:
    here = max(x, here + x)
    best = max(best, here)
```

Kókó ìyàtọ̀ náà wà nínú ìlà kẹta. Ètò àkọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀ pé: ṣé kí n máa rù ú lọ, tàbí kí n dúró lọ́wọ́ òfo? Ètò kejì ń béèrè pé: ṣé kí n máa rù ú lọ, tàbí kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà yìí? Kò sí ìgbà kankan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Lórí ìlà òdì náà, `here` bẹ̀rẹ̀ ní −7. Lórí −4, ó yàn láàárín −4 àti −11, ó sì mú −4. Lórí −9, ó mú −9 dípò −13. Lórí −3, ó mú −3 dípò −12. Lórí −6, ó mú −6 dípò −9. Èyí tí ó ga jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ni −3. Lórí ìlà tí ó ní 4 àti −7 ní ìbẹ̀rẹ̀, tí a ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, ètò kejì yìí náà yóò dáhùn pé 9, ó sì ń ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ti àkọ́kọ́.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó tọ́. Oníṣirò lè máa sọ ẹrù gbèsè kalẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, bí ó bá ṣáà ti kọ iye rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀, tí àkọsílẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà àkọ́kọ́. Àṣìṣe ètò àtijọ́ ni pé ó ń da ẹrù nù kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ètò tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò ìlà gígùn. Kí ó fún un ní ìlà tí −5 nìkan wà lórí rẹ̀. Bí ó bá dáhùn pé 0, òfo jẹ́ abala lójú rẹ̀. Bí ó bá dáhùn pé −5, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò lórí ìlà tí nọ́ńbà kan bá ti ju òdo lọ kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn, nítorí pé àwọn ètò méjèèjì yóò fohùn ṣọ̀kan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi lè pẹ́ nílẹ̀ láìfarahàn. Ètò kejì náà ní ààlà tirẹ̀: bí kò bá sí nọ́ńbà kankan lórí ìlà, kò sí `a[0]` tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò sì dúró. Òótọ́ ni ó sọ nígbà náà, nítorí pé ẹni tí kò gba òfo mọ́ abala kò ní ìdáhùn fún ìlà òfo.

Ibi tí òfo ti tọ́

Kì í ṣe pé ètò àkọ́kọ́ burú. Ní ọdún 1981, Temple Smith àti Michael Waterman gbé ìlànà kan jáde fún wíwá ibi tí àwọn ìlà ohun-abẹ̀mí méjì, irú bíi ti ẹ́ńsáìmù tàbí ti jíìnì, ti jọra jù lọ. Nínú ìlànà yẹn, ibi tí wọ́n bá ti bára mu ń mú máàkì wá, ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ ń yọ máàkì kúrò, máàkì tí ó bá sì fẹ́ kéré sí òdo ni a ń sọ di 0. Òdo yẹn ní ìtumọ̀: kò sí ìjọra kankan níbí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí ohun méjì kò bá jọra rárá, “kò sí” ni ìdáhùn tí ó tọ́, yóò sì jẹ́ àṣìṣe láti fi ipá yan ibi tí àìjọra wọn kéré jù. Ọ̀ràn oníṣòwò tí ó pàdánù lójoojúmọ́ yàtọ̀, nítorí pé ọjọ́ ni ó béèrè, ọjọ́ ni a sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn.

Ìkádìí

Òru kan ni Shamos fi ronú, ìṣẹ́jú kan ni Kadane lò, àwọn méjèèjì sì dáhùn ohun tí a bi wọ́n nípa bí iṣẹ́ náà ṣe lè yá. Ohun tí a ń pè ní abala kò sí nínú ìbéèrè yẹn. Gbólóhùn àdéhùn kan ni ó yanjú rẹ̀. Gbólóhùn náà ni ó pinnu nọ́ńbà tí ètò yóò fi bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí yóò máa yàn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ ni ní ìlànà yìí ní irinṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ni èdè náà ní fún ohun tí ètò àkọ́kọ́ fi `0` kan ṣoṣo kọ. Kí ó tó kọ ìlà àkọ́kọ́ ètò náà sójú pátákó, kí ó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ léèrè: bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ gbèsè, ṣé ẹ lè sọ pé ẹ kò mú ọ̀kankan?